Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdí tí páswọ́ọ̀dù kan fi ṣeé pààrọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí òmíràn sì ń kó fáìlì lọ

Ìbéèrè: Mo gbàgbé páswọ́ọ̀dù ibi tí mo ń kó àwọn ìwé pàtàkì mi pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀, mi ò ní lè ṣí àwọn fáìlì mi àtijọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, níbòmíràn tí mo ń lò, mo tẹ "Forgot password", wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, gbogbo fáìlì mi sì padà wá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn méjèèjì ló sọ pé àwọn ń sọ fáìlì di àdììtú. Kí ló fa ìyàtọ̀, kí sì ni mo lè ṣe báyìí? Áàpù náà ṣì wà lórí fóònù mi àtijọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì ìpààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rárá. Ẹ má ṣe jáde kúrò nínú àkáǹtì lórí fóònù àtijọ́ yẹn, ẹ má yọ áàpù náà kúrò pé ẹ fẹ́ tún un gbé sórí rẹ̀, ẹ má sì pa ohun tó fi pamọ́ rẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń wá wà nínú fóònù náà. Màá sọ bí ẹ ṣe máa mú un jáde, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé ni yóò mọ ibi tó yẹ kó ti wá a.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní "a ń sọ dátà yín di àdììtú", ohun mẹ́ta ni gbólóhùn yẹn lè túmọ̀ sí. Ó lè jẹ́ pé àdììtú ni dátà náà lójú ọ̀nà, nígbà tó bá ń rìn láàárín fóònù yín àti sáfà wọn. Ó lè jẹ́ pé àdììtú ni níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, lórí díìsìkì sáfà. Ó sì lè jẹ́ àdììtú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tiyín nìkan, tàbí ti ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ló lè tú u. Ìṣirò tí wọ́n fi ń dì í lè má yàtọ̀ rárá. AES-256 lẹ lè bá pàdé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ló yàtọ̀, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí "Forgot password" lágbára láti ṣe.

Ti ojú ọ̀nà kò pẹ́ ṣàlàyé. Bí ẹ bá rí `https` níwájú àdírẹ́sì, TLS ni wọ́n ń lò. Bùráwúsà yín àti sáfà á jọ ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ kan fún ìbánisọ̀rọ̀ náà nìkan, wọ́n á sì jù ú nù bó bá parí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ Wáì-Fáì tí ẹ ń lò lè mọ ojúlé tí ẹ lọ àti bí ohun tó kọjá ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kété tí fáìlì bá dé ọ̀dọ̀ sáfà ni iṣẹ́ TLS parí, fáìlì náà á sì wà lọ́wọ́ sáfà ní gbangba. Kọ́kọ́rọ́ ìgbà díẹ̀ yìí kò bá páswọ́ọ̀dù yín tan, nítorí náà a lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí fáìlì yín ti padà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ti inú ìpamọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Kí sáfà tó kọ fáìlì sórí díìsìkì, ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kan tì í, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lórí ẹ̀rọ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí olè bá yọ díìsìkì náà lọ, tàbí tí wọ́n bá sọ díìsìkì tó ti gbó nù láì kọ́kọ́ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ẹni tó bá rí i he kò ní rí nǹkan kan kà. Ààbò gidi nìyẹn, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá béèrè fáìlì, sáfà ló ń mú kọ́kọ́rọ́, sáfà ló ń tú fáìlì náà, kó tó fi TLS gbé e wá bá yín. Ohun tí sáfà lè ṣe fún yín, ó lè ṣe é fún òṣìṣẹ́ tó ní àṣẹ, fún ọ̀daràn tó bá ti gba àkóso sáfà náà, àti fún kóòtù tó bá pàṣẹ.

Níbẹ̀, iṣẹ́ páswọ́ọ̀dù yín kò ju kó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ dé. Ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tilẹ̀ tọ́jú páswọ́ọ̀dù náà. Wọ́n máa ń fi ìṣirò tí kò ṣeé dá padà lọ̀ ọ́, àbájáde ìṣirò yẹn ni wọ́n ń tọ́jú. Bí ẹ bá tún wọlé, wọ́n á lọ èyí tí ẹ tẹ̀, wọ́n á sì fi àbájáde méjèèjì wéra. Nígbà tí ẹ tẹ "Forgot password", ẹ̀rí mìíràn ni wọ́n béèrè pé ẹ̀yin ni, ìyẹn líǹkì inú ímeèlì, wọ́n sì fi àbájáde tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ohun tó yí padà nínú àkójọ wọn kò ju ìlà kan lọ. Wọn ò fọwọ́ kan fáìlì yín, wọn ò sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó tì í, nítorí páswọ́ọ̀dù yín kò fìgbà kan jẹ́ ara kọ́kọ́rọ́ náà.

Ní ibi tí ẹ ti há sí yìí, ti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ tí páswọ́ọ̀dù ń ṣe níbẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ní fáìlì gígábáìtì 18 níbẹ̀ ká sì tẹ̀lé e láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣí àkáǹtì, áàpù orí fóònù rẹ̀ ṣẹ̀dá nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò, tó gùn ní báìtì 32, ìyẹn bíìtì 256. Ẹ jẹ́ ká pè é ní kọ́kọ́rọ́ dátà. Òun ló ń ti fáìlì kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lórí fóònù, nítorí náà ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ sáfà ti di àdììtú kó tó débẹ̀. Kò sí ẹni tó lè há nọ́ńbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sórí, áàpù sì gbọ́dọ̀ wá bí yóò ṣe máa rí i lò lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ibí yìí ni páswọ́ọ̀dù ti wọlé. Áàpù mú páswọ́ọ̀dù náà, ó da nọ́ńbà kan tí kò jọ ti àkáǹtì mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ìṣirò kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó falẹ̀ lọ̀ wọ́n pọ̀. Orúkọ méjì tí ẹ ó rí jù ni Argon2id àti PBKDF2. Ní Bitwarden, áàpù kan tó ń báni tọ́jú páswọ́ọ̀dù, fún àpẹẹrẹ, iye ìgbà tí wọ́n ń tún PBKDF2 ṣe fún àkáǹtì tuntun láti 2023 jẹ́ 600,000. Ìfalẹ̀ yìí kì í yọ yín lẹ́nu torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń wọlé, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹni tó fẹ́ dán mílíọ̀nù páswọ́ọ̀dù wò lára.

Ohun tó jáde nínú ìṣirò yẹn ni kọ́kọ́rọ́ kejì, ká pè é ní kọ́kọ́rọ́ páswọ́ọ̀dù. Kì í ti fáìlì kankan. Kọ́kọ́rọ́ dátà ló ń tì mọ́ inú àpótí kékeré kan, àpótí yìí ni wọ́n sì ń gbé lọ sọ́dọ̀ sáfà. Bí ó bá jẹ́ AES-256-GCM ni wọ́n fi tì í, gbogbo àpótí náà kò ju báìtì 60 lọ: 32 fún kọ́kọ́rọ́ dátà tó wà nínú rẹ̀, 12 fún nọ́ńbà tí a kì í lò lẹ́ẹ̀mejì, 16 fún èdìdì tó ń jẹ́ kí áàpù mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ṣí i tọ̀nà. Gígábáìtì 18 ló rọ̀ mọ́ báìtì 60.

Bí ẹni yìí bá ra kọ̀ǹpútà tuntun, á tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á gba àpótí lọ́dọ̀ sáfà, á ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, á ṣí àpótí, á sì mú kọ́kọ́rọ́ dátà jáde. Sáfà kò rí páswọ́ọ̀dù, kò sì rí kọ́kọ́rọ́. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù nígbà tó ṣì rántí ti àtijọ́, áàpù á fi ti àtijọ́ ṣí àpótí, á fi ti tuntun tún un tì, á sì gbé báìtì 60 tuntun lọ. Ó parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, fáìlì gígábáìtì 18 náà kò sì mira níbi tó wà.

Wàyí o, ó gbàgbé páswọ́ọ̀dù. Ilé-iṣẹ́ lè gbà láìsí iyèméjì pé òun gan-an ló ni àkáǹtì. Ó lè fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n lè rí ojú rẹ̀ lórí fídíò, wọ́n sì lè ṣí ẹnu ọ̀nà fún un kó wọlé. Ohun tó máa bá níbẹ̀ ni àpótí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú sí òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn. Kì í ṣe òfin tí ọ̀gá kan lè fọwọ́ sí kí wọ́n yọ yín sílẹ̀ nínú rẹ̀. Iye nọ́ńbà tó lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ dátà pọ̀ débi pé díjíìtì 78 la fi ń kọ ọ́, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè dán wọn wò tán.

Bí ẹ bá wá tẹ ìpààrọ̀ ní irú ibẹ̀, áàpù á ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ dátà tuntun, á sì ṣe àpótí tuntun fún un. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì gan-an. Ní Proton Mail, ímeèlì àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀ ní títì, bí ẹ bá sì rántí páswọ́ọ̀dù àtijọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ lè fi ṣí wọn. Ní Bitwarden, ẹni tó gbàgbé páswọ́ọ̀dù àgbà tí kò sì ní ọ̀nà ìgbàpadà kankan á ní láti pa àkáǹtì náà rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo: lẹ́yìn ìpààrọ̀, ṣé fáìlì àtijọ́ àti àpótí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà nípamọ́ ní títì, tàbí wọ́n á pa wọ́n rẹ́? Wọ́n lè dáhùn ìyẹn láìrí inú fáìlì yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù yín. Lọ́jọ́ tí ẹ wọlé sórí rẹ̀, áàpù ṣí àpótí, ó sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ dátà síbi ààbò inú fóònù, kó má bàa máa béèrè páswọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀ka tàbí nọ́ńbà PIN fi ń tó láti ṣí i. Tí ẹ bá jáde kúrò nínú àkáǹtì, áàpù á pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́. Bó ṣe rí lórí bùráwúsà nìyẹn náà: ẹni tó bá nu gbogbo ohun tí ojúlé náà fi pamọ́ síbẹ̀ ti nu kọ́kọ́rọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fi iná sí fóònù náà kó kún. Ẹ má fi áàpù tàbí fóònù náà sí ẹ̀dà tuntun báyìí, torí àwọn áàpù kan máa ń béèrè páswọ́ọ̀dù lẹ́yìn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń béèrè rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti pẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ òní ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣí áàpù, kí ẹ sì ṣí fáìlì kan tí ẹ kò tíì ṣí lórí fóònù yẹn rí. Ó ní ìdí. Fáìlì tí ẹ ti ṣí rí lè jẹ́ ẹ̀dà tó ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀, kò sì fi nǹkan kan hàn. Èyí tí ẹ kò ṣí rí gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ sáfà, kí wọ́n sì tú u lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣí, kọ́kọ́rọ́ dátà wà nínú fóònù náà.

Bó bá ṣí, kíkó fáìlì jáde ló ṣáájú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ètò àkáǹtì. Ó máa wu èèyàn láti kọ́kọ́ lọ yí páswọ́ọ̀dù padà láti inú áàpù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ áàpù máa béèrè ti àtijọ́ kí wọ́n tó gbà, kí ẹni tó bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín má bàa tì yín síta, ìgbìyànjú tó kùnà léraléra sì lè mú kí àkáǹtì náà ti ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kó fáìlì sórí ibi tí fóònù ń tọ́jú nǹkan sí, kí ẹ fi okùn gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Bí ààyè orí fóònù kò bá gba gbogbo fáìlì yín, ẹ kó o ní ìpín-ìpín, kí ẹ máa pa ìpín tó ti dé orí kọ̀ǹpútà rẹ́ lórí fóònù. Ẹ ka iye fáìlì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo ètò àkáǹtì bóyá ó gbà kí ẹ ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ mìíràn tó lè ṣí fáìlì yín bí ẹ bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù, láìsí páswọ́ọ̀dù àtijọ́. Bí kò bá gbà, ẹ lè wá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tún gbogbo fáìlì gbé lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tuntun.

Bí fáìlì náà kò bá ṣí lórí fóònù, ibi tí a óò wá lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí páswọ́ọ̀dù lè ti sá pamọ́ sí. Nínú Chrome, ẹ tẹ `chrome://password-manager/passwords` síbi àdírẹ́sì. Nínú Firefox, `about:logins`. Ẹ wò ó lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ti lò rí. Ẹ wá inú fódà tí ohun tí ẹ bá gbà wálẹ̀ ń wọ̀, bóyá fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní `recovery` tàbí `emergency` nínú, torí irú ilé-iṣẹ́ báyìí máa ń fún èèyàn ní ìwé kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í kà á.

Bí ẹ bá rántí apá kan páswọ́ọ̀dù náà, ẹ má ṣe máa tẹ ohun tó bá wá sọ́kàn lásán. Ẹ kọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ sórí ìwé, kí ẹ máa fagi lé èyí tí ẹ ti dán wò. Ohun tó sábà máa ń yí padà ni lẹ́tà ńlá àkọ́kọ́, àyè tó ṣófo tí fóònù fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀, àti bọ́tìnnì tí ipò rẹ̀ yàtọ̀ láti kíbọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Ọ̀kan tún wà tó ń bá àwa tó ń fi àmì sórí lẹ́tà fínra. "ọ" tí kíbọ́ọ̀dù kan tẹ̀ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1ECD, nígbà tí kíbọ́ọ̀dù mìíràn á tẹ "o", á sì fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀lé e. Ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n báìtì wọn kò dọ́gba, bí áàpù kò bá sì kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan náà, kọ́kọ́rọ́ tó máa jáde nínú ìṣirò á yàtọ̀ pátápátá. Bí páswọ́ọ̀dù yín bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú, orí ẹ̀rọ àti kíbọ́ọ̀dù tí ẹ fi ṣẹ̀dá rẹ̀ ni kí ẹ ti dán an wò.

Bó bá jẹ́ pé díjíìtì mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan lẹ gbàgbé, ohun tó lè jẹ́ kò ju 1,000 lọ. Bí àpótí náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, tí ìgbìyànjú kan sì gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo rẹ̀ á parí kó tó pé ìṣẹ́jú 17. Lójú ìwé ìwọlé ti ilé-iṣẹ́ kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń dá èèyàn dúró lẹ́yìn ìgbìyànjú díẹ̀. Ẹ máa ṣe díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé òun lè bá yín gba fáìlì irú ibẹ̀ padà bí ẹ bá sanwó, láì béèrè ohun tí ẹ rántí nípa páswọ́ọ̀dù náà, owó yín ló ń wá.

Bóyá ẹ ó béèrè pé báwo wá ni àwọn kan ṣe ń gba tiwọn padà níbi tí wọ́n ti ń lo ti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àpótí kejì ni. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dátà ṣì wà ní ṣíṣí lórí ẹ̀rọ yín, áàpù lè ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, kó fi ti kọ́kọ́rọ́ dátà kan náà mọ́ inú àpótí mìíràn. Ó di pé báìtì 32 kan náà wà nínú àpótí méjì, páswọ́ọ̀dù ń ṣí ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà ń ṣí èkejì. Àwọn kan máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà ní ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́n mú láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 11, àpapọ̀ wọn 132, bíìtì 4 nínú rẹ̀ sì wà láti fi mọ̀ bí èèyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Ẹ rí i pé àpótí kejì yìí kò ṣeé ṣe lẹ́yìn ìgbàgbé, torí kò sí bí a ṣe lè ti ohun tí a ò ní lọ́wọ́ mọ́ inú àpótí. Àfi kó ti wà ṣáájú, tàbí kí ẹ̀rọ kan ṣì wà ní ṣíṣí bíi fóònù yín.

Bí Apple ṣe ṣe Advanced Data Protection nìyẹn, èyí tó jáde ní December 2022: wọn ò ní jẹ́ kí ẹ tan án àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ yan ẹni tí ẹ fọkàn tán tó lè bá yín gba àkáǹtì padà, tàbí kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 28. Ẹ ṣàkíyèsí pé pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ímeèlì, àwọn nọ́ńbà ìbánisọ̀rọ̀ àti kàlẹ́ńdà inú iCloud kò sí lábẹ́ ti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. WhatsApp náà ti fi ti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun sórí gbogbo ọ̀rọ̀ láti 2016, ṣùgbọ́n 2021 ni ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀ tó lọ sórí Google Drive tàbí iCloud tó ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tan án fúnra rẹ̀. Ó lè yan kọ́kọ́rọ́ díjíìtì 64 tàbí páswọ́ọ̀dù. Bó bá yan páswọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ pàtàkì kan tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ á máa ka ìgbìyànjú tó kùnà, bó bá sì pọ̀ jù, kọ́kọ́rọ́ náà á di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rí gbà mọ́. Ẹni tó bá sọ fóònù rẹ̀ nù tó sì gbàgbé páswọ́ọ̀dù ẹ̀dà ìpamọ́ yìí, WhatsApp kò lè bá a dá a padà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ń lò láìgba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbọ́, ẹ ṣí àkáǹtì ìdánwò kan, kí ẹ fi fáìlì kékeré kan síbẹ̀, kí ẹ jáde pátápátá. Ẹ lọ sórí ẹ̀rọ tí ẹ kò tíì fi wọ ibẹ̀ rí, kí ẹ tẹ "Forgot password", kí ẹ má sì lo ohun mìíràn ju líǹkì inú ímeèlì lọ. Bí fáìlì yẹn bá ṣí, ilé-iṣẹ́ náà ní kọ́kọ́rọ́ tó lè tú u, ohun yòówù kí wọ́n kọ sójú ìwé wọn. Àbùkù kọ́ nìyẹn fún gbogbo nǹkan. Fún àwòrán ìdílé tí ìpàdánù rẹ̀ máa dùn yín ju kí òṣìṣẹ́ kan rí i lọ, èmi á fi wọ́n síbi tí ilé-iṣẹ́ ti lè bá mi ṣílẹ̀kùn. Ìwé tí ẹ kò fẹ́ kí ojú mìíràn rí, ti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá ti gba fáìlì yín padà, ẹ ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé méjì, kí wọ́n wà ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi fọ́tò rẹ̀ sínú àkáǹtì kan náà, torí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ẹ kò ní lè wọ ibẹ̀. Ẹ dán an wò lórí bùráwúsà tó mọ́ kí ẹ tó kó ìwé yẹn pamọ́. Ẹ kọ déètì sí i lára, nítorí pé lọ́pọ̀ ibi, bí ẹ bá ti ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tuntun, wọ́n á pa àpótí tí ti àtijọ́ ń ṣí rẹ́, ìwé àtijọ́ náà kò sì ní ṣí nǹkan kan mọ́.